Lẹ́tà tí ìṣísẹ̀ wọn ń gùn sí i: kí ló kàn lẹ́yìn V?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo ń gbé, mo sì ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò ìgbanisíṣẹ́ báńkì kan. Mo bá èyí pàdé nínú àwọn ìbéèrè tí mo fi ń dánra wò: H, J, M, Q, V, ? Wọ́n ní kí n mú ọ̀kan nínú A, B, C àti Z. Mo rí i pé àlàfo tó wà láàárín wọn ń pọ̀ sí i, 1, 2, 3, 4, mo sì mọ̀ pé 5 ló kàn. Mo mú A, wọ́n ní mi ò gbà á. Níbo ni mo ti ṣì í? Kí ni kí n sì máa ṣe bí lẹ́tà bá tán lọ́wọ́ mi?

Ìdáhùn: B ni. Ẹ ti rí òfin tó wà nínú ìlà náà, ibi tí ẹ ti wá fi òfin yẹn rìn ni ẹ ti ṣìnà. Nǹkan méjì ni ènìyàn lè kà láàárín lẹ́tà méjì, iye wọn kò sì dọ́gba. Èkíní ni àlàfo, ìyẹn iye lẹ́tà tí a fò kọjá. Láàárín H àti J, lẹ́tà kan ṣoṣo la fò, I. Èkejì ni ìṣísẹ̀, ìyẹn iye ìgbà tí a ó gbé ẹsẹ̀ kí a tó ti orí H dé orí J. Láti H a bọ́ sórí I, láti I a bọ́ sórí J, ó di méjì. Bí a bá ń lọ síwájú, ìṣísẹ̀ máa ń fi ẹyọ kan ju àlàfo lọ nígbà gbogbo. Àlàfo 1, 2, 3, 4 tí ẹ kà tọ̀nà, 5 tí ẹ ní ó kàn náà sì tọ̀nà. Ṣùgbọ́n àlàfo ni 5 yẹn, ẹ sì lò ó bí ẹni ń lo ìṣísẹ̀: ẹ kúrò lórí V, ẹ ka W, X, Y, Z, A, ó pé márùn-ún, ẹ sì dúró sórí A. Lẹ́tà márùn-ún wọ̀nyẹn gan-an ni ó yẹ kí ẹ fò kọjá. Èyí tó tẹ̀ lé wọn ni B.

Kì í ṣe èèṣì ni A fi wà lára àwọn tí wọ́n ní kí ẹ yàn nínú wọn. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ìbéèrè síṣe máa ń kọ́kọ́ ronú lórí irú àṣìṣe tí ènìyàn lè ṣe, á wá kọ ibi tí àṣìṣe kọ̀ọ̀kan máa já sí sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Lẹ́tà A yìí ń dúró de ẹni tó da àlàfo pọ̀ mọ́ ìṣísẹ̀ bíi tiyín, ó sì tún ń dúró de ẹni tó mọ̀ dájú pé ìṣísẹ̀ 6 ló kàn, ṣùgbọ́n tó ka V fúnra rẹ̀ mọ́ ọn: V ní kan, W ní méjì, X ní mẹ́ta, títí tí ó fi dé A ní mẹ́fà. Z wà níbẹ̀ fún ẹni tó mú 4 tó rí kẹ́yìn, tó sì fi ìṣísẹ̀ mẹ́rin kúrò lórí V láìjẹ́ kí iye náà pọ̀ sí i. Ó tún lè mú ẹni tó gbà pé ìlà lẹ́tà kò lè ré kọjá Z. C ní tirẹ̀ ni ti ẹni tó ṣe gbogbo iṣẹ́ náà dáadáa, tó dé 28, tó wá yọ 25 kúrò dípò 26. Nítorí náà, pé ìdáhùn tí ẹ ṣírò jáde wà lára àwọn mẹ́rin tí wọ́n kọ sílẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé ó tọ̀nà. Gbogbo àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni ó ní ìjókòó tirẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tí mo ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ mi ní Yábàá ni pé kí wọ́n pa àlàfo tì pátápátá, kí wọ́n sì sọ lẹ́tà di nọ́ńbà. A jẹ́ 1, B jẹ́ 2, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ títí Z fi di 26. Bí lẹ́tà bá ti di nọ́ńbà, kò sí ohun tí a ń pè ní kíka ìka mọ́. Ẹ kàn máa yọ nọ́ńbà kékeré kúrò nínú ńlá ni, ohun tó bá sì ṣẹ́kù ni ìṣísẹ̀, kò lè jẹ́ àlàfo. Ẹ kò nílò láti kọ́ nọ́ńbà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sórí. Ẹ mú lẹ́tà márùn-ún péré: E jẹ́ 5, J jẹ́ 10, O jẹ́ 15, T jẹ́ 20, Y jẹ́ 25. Bí ẹ bá mọ àwọn wọ̀nyí, tí ẹ sì fi A kún wọn, kò sí lẹ́tà tó jìnnà sí ọ̀kan nínú wọn ju ìṣísẹ̀ méjì lọ. H fi méjì dín sí J, nítorí náà 8 ni. M fi méjì dín sí O, ó di 13. Q fi méjì lé O, ó di 17. V fi méjì lé T, ó di 22. Àwọn tí wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ láti A ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ mọ ipò lẹ́tà kan máa ń pẹ́, wọ́n sì sábà máa ń fò kan láàárín L, M, N, O, P, níbi tí ẹnu ti máa ń sáré jù nígbà tí a bá ń ka ábídí bí orin.

Lẹ́yìn èyí, ìlà mẹ́ta ni ẹ ó kọ sábẹ́ lẹ́tà náà. Ìlà kìíní ni ipò lẹ́tà. Ìkejì ni ìṣísẹ̀, ìyẹn ìyàtọ̀ tó wà láàárín ipò kan àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ìkẹta ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìṣísẹ̀ kan àti èkejì rẹ̀, ibẹ̀ sì ni òfin irú ìbéèrè yìí fi ara pamọ́ sí.

```
H    J    M    Q    V    ?
8    10   13   17   22   28
   2    3    4    5    6
     1    1    1    1
```

Bí gbogbo nọ́ńbà ìlà kẹta bá dọ́gba, a jẹ́ pé ìṣísẹ̀ náà ń gùn sí i ní déédéé, ẹ sì ti mọ ohun tí ẹ ó fi kún èyí tó gbẹ̀yìn. Níhìn-ín, 1 ló ń kún un, nítorí náà 5 di 6, 22 sì di 28. Ó lè jẹ́ 2 ló ń kún un. Ẹ wo A, D, I, P, Y: ipò wọn ni 1, 4, 9, 16, 25, ìṣísẹ̀ wọn ni 3, 5, 7, 9, ìlà kẹta sì ni 2, 2, 2. Ẹni tó bá ti fẹ́ràn ìṣirò láti ilé ìwé á ti rí i pé nọ́ńbà tí a sọ di ìlọ́po ara rẹ̀ ni gbogbo wọn, láti 1 dé 5, ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí ẹ rí ìyẹn kí ẹ tó gbà á. Ìlà kẹta ti sọ gbogbo ohun tí ẹ nílò. Bí ìlà náà bá ń padà sẹ́yìn, bíi Z, Y, W, T, P, iṣẹ́ kan náà ni, àfi pé ẹ ó máa yọ dípò kí ẹ máa ròpọ̀: 26, 25, 23, 20, 16, èyí tó kàn sì jẹ́ 11, tí í ṣe K.

Ó wá kan ìbéèrè yín kejì, nítorí kò sí lẹ́tà tó jẹ́ 28. Nínú irú ìdánwò yìí, òbìrípo ni a ka ábídí sí: bí a bá ti Z kúrò, A ni a ó bọ́ sí. Bí aago náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ní aago 10 àárọ̀, tí ẹ sì lo wákàtí 5 lójú títì Èkó, ẹ ò ní sọ pé aago 15 ni ẹ dé, ẹ ó yọ 12 kúrò, ẹ ó sì sọ pé aago 3 ọ̀sán ni. Ti ábídí, 26 ni a ń yọ, nítorí pé 26 ni lẹ́tà tó wà nínú òbìrípo náà: 28 yọ 26 ku 2, B nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ni ẹ ń padà sí, tí ẹ sì já sí òdo tàbí nọ́ńbà tó rẹlẹ̀ sí òdo, 26 ni ẹ ó fi kún un. Ẹni tí ó bá padà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ 7 láti E yóò dé ìdín 2. Fi 26 kún un, ó di 24, X nìyẹn. Òdo fúnra rẹ̀ á di Z.

Mo mẹ́nu ba yíyọ 25 lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí mo ti rí i pé ó ń wá ni Y tó jẹ́ 25. Nítorí pé òun ló gbẹ̀yìn nínú àwọn lẹ́tà márùn-ún tí a fi ń ṣàmì, ọkàn àwọn kan máa ń gbà á bí òpin ábídí. Ó tún lè ti ibòmíràn wá: ábídí Yorùbá tí a kọ́ ní kékeré, lẹ́tà 25 ni ó ní, kò sí C, Q, V, X àti Z nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n Ẹ, GB, Ọ àti Ṣ wà níbẹ̀. Bí olùkọ́ kan bá fẹ́ fi ábídí Yorùbá ṣe irú ìbéèrè yìí fún àwọn ọmọ rẹ̀, èyí tí inú mi ì bá dùn láti rí, 25 ni yóò máa yọ, ipò ọ̀pọ̀ lẹ́tà láti D lọ yóò sì yàtọ̀. Àmọ́ ábídí Gẹ̀ẹ́sì ni ìdánwò báńkì yín ń lò.

Ẹ má ṣe ka ríré kọjá Z sí ohun tó ṣàjèjì. Ìṣísẹ̀ tó ń gùn sí i máa ń jẹ ábídí tán kíákíá. Bí ìlà kan bá bẹ̀rẹ̀ láti A pẹ̀lú ìṣísẹ̀ 1, ó máa dé B, D, G, K, P, V, lẹ́yìn náà ìṣísẹ̀ 7 á gbé e dé 29, ìyẹn C. Ìyẹn túmọ̀ sí pé kò sí bí irú ìlà bẹ́ẹ̀ ṣe lè ní lẹ́tà mẹ́jọ kí ó má tíì ré kọjá Z, kódà bí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ábídí pátápátá. Tiyín bẹ̀rẹ̀ láti H pẹ̀lú ìṣísẹ̀ 2, ibi lẹ́tà kẹfà ló ti kọjá ẹnubodè.

Ohun tó máa ń da àwọn ènìyàn láàmú jù ni ìgbà tí ríré kọjá yìí bá ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn lẹ́tà tí wọ́n fún wa, tí kì í ṣe ní ibi tí àmì ìbéèrè wà. Ẹ wo èyí: T, V, Y, C, H, ? Bí ẹ bá kọ ipò wọn bí wọ́n ṣe wà, ẹ ó rí 20, 22, 25, 3, 8. Ìṣísẹ̀ wọn á di 2, 3, ìdín 22, 5, ẹni tó bá sì rí ìdín 22 yẹn á gbà pé ìlà náà kò ní òfin kankan, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í méfò. Àmì tí ẹ ó fi dá a mọ̀ ni pé àwọn nọ́ńbà náà ń gòkè díẹ̀díẹ̀, wọ́n ṣàdédé já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ibi tó sún mọ́ 26 bọ́ sí ibi tó sún mọ́ 1, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Bí ẹ bá ti rí i bẹ́ẹ̀, ẹ fi 26 kún C, kí ẹ sì fi kún gbogbo lẹ́tà tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú. C á di 29, H á di 34. Ìlà náà á wá di 20, 22, 25, 29, 34, ìṣísẹ̀ rẹ̀ á di 2, 3, 4, 5, ìlà kẹta á sì dọ́gba. Ìṣísẹ̀ 6 ló kàn: 34 àti 6 jẹ́ 40, 40 yọ 26 ku 14, N nìyẹn.

Ẹ fiyè sí i pé mo ní kí ẹ fi kún gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fi 26 kún C nìkan, wọ́n á fi H sílẹ̀ bí 8, nọ́ńbà náà á wá tún já láti 29 sí 8, wọ́n á sì rò pé ọ̀nà náà ni kò dára. Lẹ́tà tó bá ti wọ yíyí kejì wà nínú yíyí kejì, kò lè padà sí ti àkọ́kọ́ láìjẹ́ pé ìlà náà yí padà sẹ́yìn. Bí ìlà náà bá sì gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó tún kọjá Z lẹ́ẹ̀kejì, 52 ni ẹ ó fi kún àwọn tó wà lẹ́yìn ibẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ lórí ohun tí n ó sọ yìí, nítorí òun ni àwọn ìwé ìmúrasílẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ: mélòó ni lẹ́tà tí a gbọ́dọ̀ rí kí a tó lè sọ pé ìṣísẹ̀ ń gùn ní déédéé lóòótọ́? Ẹ mú B, C, E. Ipò wọn ni 2, 3, 5, ìṣísẹ̀ wọn sì ni 1 àti 2. Ojú ẹni tó ti ṣe ìbéèrè bíi tiyín á sáré lọ síbi ìṣísẹ̀ 3, á sì kọ H. Ṣùgbọ́n ìṣísẹ̀ náà lè jẹ́ èyí tó ń di ìlọ́po méjì, 1, 2, 4, 8, èyí tó kàn á sì jẹ́ I. Ó tún lè jẹ́ pé ipò wọn gan-an ni ẹni tó ṣe ìbéèrè ń wò, 2, 3, 5, 7, 11, àwọn nọ́ńbà tí kò ṣe é pín dọ́gba àfi fún 1 àti fún ara wọn. A jẹ́ pé G ló kàn. Lẹ́tà mẹ́ta kan náà, ìdáhùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì sí èyí tí a lè pè ní irọ́ nínú wọn.

Bí wọ́n bá fi lẹ́tà kẹrin kún un ńkọ́? B, C, E, H. G àti I ti jáde nìyẹn. Ìṣísẹ̀ ni 1, 2, 3, ìlà kẹta sì ni 1, 1. Ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí, 4 ló kàn, 8 á di 12, L sì ni ìdáhùn. Síbẹ̀ ẹ tún wo ipò wọn, 2, 3, 5, 8: 2 àti 3 jẹ́ 5, 3 àti 5 jẹ́ 8. Ìlà tí a ti ń ro méjì tó ṣíwájú pọ̀ láti rí èyí tó kàn ni a mọ̀ sí ìlà Fibonáṣì, òfin yẹn sì bá lẹ́tà mẹ́rin wọ̀nyí mu láìkù síbì kan. Nípa tirẹ̀, 5 àti 8 jẹ́ 13, M ló kàn. Lẹ́tà karùn-ún nìkan ló lè ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ìgbà tí ẹ bá rí lẹ́tà márùn-ún, ìyẹn ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ni kí ẹ tó fi ọkàn balẹ̀. Ìlà kẹta á ní nọ́ńbà mẹ́ta tó dọ́gba nígbà náà, ó sì ṣòro kí òfin mìíràn tí àwọn olùdánwò sábà máa ń lò bá a mu. Tiyín ní lẹ́tà márùn-ún, òun ló jẹ́ kí n lè sọ pé B ni láìṣiyèméjì.

Bí ẹ bá bá lẹ́tà mẹ́rin péré pàdé, ẹ jẹ́ kí àwọn ìdáhùn tí wọ́n kọ sílẹ̀ ràn yín lọ́wọ́. Ẹ ṣírò L, ẹ ṣírò M, kí ẹ wo èyí tó wà níbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀kan ṣoṣo ni ẹ ó rí. Bí méjèèjì bá wà níbẹ̀, ẹ̀bi ẹni tó ṣe ìbéèrè ni, kì í ṣe tiyín. Èmi á mú èyí tó ń gùn ní déédéé, nítorí pé òun ló wọ́pọ̀ jù nínú ìdánwò báyìí, n ó sì bá tèmi lọ síbi ìbéèrè tó kàn. Kò yẹ kí ẹ máa fi àkókò ìbéèrè mẹ́ta bá ọ̀kan jìjàkadì.

Ní ti ìṣísẹ̀ tó ń gùn ṣùgbọ́n tí kì í gùn ní déédéé, ìlà kẹta ni yóò tú u fó. Ẹ wo A, C, F, K, R. Ipò wọn jẹ́ 1, 3, 6, 11, 18, ìṣísẹ̀ wọn jẹ́ 2, 3, 5, 7. Ẹni tó bá wo ìṣísẹ̀ méjì àkọ́kọ́ nìkan á rò pé 4 ló ń bọ̀. Ìlà kẹta sọ pé 1, 2, 2, kò dọ́gba, ẹ sì ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òfin mìíràn ni kí ẹ wá. Níhìn-ín, àwọn nọ́ńbà tí kò ṣe é pín tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n fi ṣe ìṣísẹ̀, 11 ló kàn, 18 á di 29, lẹ́tà náà sì jẹ́ C. Bí ìlà kẹta kò bá dọ́gba, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò ni bóyá ìṣísẹ̀ ń di ìlọ́po méjì, lẹ́yìn náà ni irú èyí.

Nígbà mìíràn, inú ìlà ni wọ́n máa ń yọ lẹ́tà kúrò. Ẹ jẹ́ kí a mú D, F, ?, M, R, X. Àwọn kan máa ń dẹ́rù ba ara wọn níhìn-ín nítorí pé ìlà ìṣísẹ̀ ti já sí méjì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó mọ́lẹ̀. Ipò wọn ni 4, 6, òfo, 13, 18, 24. Ìṣísẹ̀ tí ẹ lè rí ni 2 ní ìbẹ̀rẹ̀, àti 5 àti 6 ní ìparí. Láti F dé M jẹ́ 7, ìṣísẹ̀ méjì ni ó sì gbọ́dọ̀ wà nínú 7 yẹn, nítorí pé lẹ́tà kan wà láàárín. Lẹ́yìn 2, ṣáájú 5, kí ló lè wà níbẹ̀? 3 àti 4, àròpọ̀ wọn sì jẹ́ 7 gan-an. Láti 6 ẹ gbé ìṣísẹ̀ 3, ẹ dé 9, I ni lẹ́tà tó sọnù. Ẹ rí i pé àròpọ̀ yẹn jẹ́ ẹ̀rí fúnra rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 8 ni ẹ rí láàárín F àti M, a jẹ́ pé ẹ ti ṣi ipò ọ̀kan nínú wọn kà, ẹ ò sì ní dúró dìgbà tí wọ́n bá sọ fún yín pé ẹ kò gbà á.

Irú kan ṣẹ́kù tí ó máa ń fi ara jọ èyí tí kò ní òfin: A, Z, B, X, D, U, G, Q, ? Bí ẹ bá kọ ipò wọn, nọ́ńbà á máa fò sókè, á máa já wálẹ̀, ní gbogbo ìgbésẹ̀, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bíi ti T, V, Y, C, H. Ìyàtọ̀ yìí ni ẹ ó fi mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ríré kọjá Z. Ìlà méjì ni wọ́n hun pọ̀. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ fo ọ̀kan. A, B, D, G ń lọ síwájú ní ìṣísẹ̀ 1, 2, 3. Z, X, U, Q ń padà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ 2, 3, 4. Ti ìlà àkọ́kọ́ ni àmì ìbéèrè náà, ìṣísẹ̀ 4 ló sì kàn níbẹ̀: 7 àti 4 jẹ́ 11, K. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni ìlà kọ̀ọ̀kan ní, mo mọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń gùn ní déédéé ní ọ̀nà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà ti mú iyèméjì kúrò.

Ẹ fi èyí dán ara yín wò kí ẹ tó lọ, ẹ sì kọ ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde kí ẹ tó ka gbólóhùn tó tẹ̀ lé e: K, L, N, Q, ?, Z, ? Lẹ́tà tó sọnù láàárín ni U, nítorí pé 9 tó wà láti Q dé Z ni àròpọ̀ 4 àti 5. Èyí tó kàn lẹ́yìn Z ni F, ìṣísẹ̀ 6 láti 26, 32 yọ 26. Bí G bá jáde fún yín, àlàfo 6 ni ẹ fò níbi tó yẹ kí ẹ ti gbé ìṣísẹ̀ 6. Bí E bá jáde, ẹ ka Z mọ́ ọn.